Eegun tó rọ̀ àti eegun tó ń ṣẹ́: bí a ṣe ń dá ríkẹ́ẹ̀sì mọ̀ yàtọ̀ sí àrùn eegun ẹlẹgẹ́ lára ọmọdé

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ oṣù 16 ni. Ó jábọ́ láti orí àga tí kò ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ, eegun itan rẹ̀ kán. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n fi píọ́pì dè é, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èsì àyẹ̀wò ní fítámìn D rẹ̀ kéré. Ẹnì kan kọ "ríkẹ́ẹ̀sì", àrùn tó ń mú kí eegun ọmọdé rọ̀, sínú fáìlì, wọ́n fún ìyá rẹ̀ ní oògùn olómi tí yóò máa kán sí i lẹ́nu fún oṣù 3, kálukú bá lọ sílé. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, eegun ojúgun ọmọ náà tún kán. Lọ́tẹ̀ yìí kò jábọ́ rárá. Ó fẹ́ dìde ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yí.

Oògùn tí wọ́n fún un kì í ṣe oògùn burúkú, nọ́ńbà tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà kì í ṣe irọ́. Àmọ́ àrùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ kọ́ ló ń ṣe é. Àrùn tó ń ṣe é ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ọsitiojẹ́nẹ́sísì ìmpafẹ́kítà, tí a óò máa pè ní àrùn eegun ẹlẹgẹ́ níbí. Àárín ọmọ 15,000 sí 20,000 la ti ń rí ẹyọ kan tí wọ́n bí i mọ́, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera kò tíì rí i rí. Ríkẹ́ẹ̀sì ni wọ́n mọ̀, òun náà ni ọkàn wọn máa ń kọ́kọ́ lọ sí.

Eegun adìẹ méjì

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ àrùn méjèèjì lè lo eegun itan adìẹ méjì tí wọ́n ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán. Kó rẹ ọ̀kan sínú fínígà fún bí ọjọ́ 5, kó máa da fínígà náà nù, kó máa bu òmíràn sí i. Bó bá yọ ọ́, eegun náà á ti rọ̀ bíi rọ́bà. Á lè tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ láìkán. Kó gbé èkejì sínú iná tó gbóná gan-an títí yóò fi funfun. Ìrísí eegun náà ò ní yí padà, ṣùgbọ́n bó bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ báyìí, á rún wómúwómú bíi ṣọ́ọ̀kì.

Ohun méjì ló para pọ̀ di eegun. Àkọ́kọ́ ni kọ́lájìn, èròjà aṣaralóore tó rí bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé òun ni kì í jẹ́ kí eegun ṣẹ́ bí nǹkan bá kọ lù ú. Èkejì ni iyọ̀ líle tí kálísíọ́mù àti fọ́sífeètì para pọ̀ ṣe, èyí tó ń jẹ́ kí eegun le tó láti gbé ara dúró. Fínígà ti kó iyọ̀ náà lọ, ó ku okùn. Iná ti jó okùn, ó ku iyọ̀. Ọmọ tó ní ríkẹ́ẹ̀sì ló sún mọ́ eegun inú fínígà, ọmọ tó ní àrùn eegun ẹlẹgẹ́ ló sún mọ́ eegun inú iná. Mo ní "sún mọ́" nítorí àfiwé náà kò ṣe déédéé pátápátá: nínú ríkẹ́ẹ̀sì, kò sẹ́ni tó kó iyọ̀ lọ, iyọ̀ ni kò débẹ̀ rí, nínú àrùn kejì, okùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré jù tàbí wọn ò lọ́ ọ dáadáa.

Okùn tó kéré sàn ju okùn tó bàjẹ́

Fọ́nrán mẹ́ta ni ara máa ń lọ́ pọ̀ láti ṣe kọ́lájìn inú eegun. Méjì jẹ́ irú kan náà, jíìnì tó ń jẹ́ COL1A1 ló ń ṣètò wọn. Ẹ̀kẹta yàtọ̀ díẹ̀, jíìnì COL1A2 ló ń ṣètò tiẹ̀. Tí a bá ka àwọn èròjà kéékèèké tí wọ́n tò sórí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìkẹta gbọ́dọ̀ jẹ́ gíláísìn, nítorí gíláísìn nìkan ló kéré tó láti wọ inú ibi tí fọ́nrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé. Bí èròjà tó tóbi jù ú lọ bá jókòó síbẹ̀, okùn náà á wú síta níbẹ̀, kò ní lọ́ dán.

Ohun kan wà tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu níbí. Bí ẹ̀dà jíìnì COL1A1 kan bá dákẹ́ pátápátá, tí kò ṣe fọ́nrán kankan, ẹ̀dà kejì tó ṣì dára á máa ṣe tiẹ̀. Kọ́lájìn ọmọ náà á fi bí ìdajì dín, àmọ́ gbogbo èyí tó ní ló dára. Oríṣi tó fúyẹ́ jù lọ nìyẹn: ọmọ náà lè ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀, kó máa rìn, kó máa sáré, kó kàn jẹ́ pé eegun rẹ̀ ń kán ju ti ọmọ yòókù lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dà náà kò bá dákẹ́, tó ń ṣe fọ́nrán tó ní àbùkù, àwọn fọ́nrán rere ni yóò bá lọ́ pọ̀, á sì bá tiwọn náà jẹ́. Irú èyí ló máa ń mú kí eegun ọmọ kán láti inú oyún, tàbí kí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́. Jíìnì méjì yìí ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àrùn náà. Àwọn jíìnì mìíràn ló ń fa ìyókù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ irú tó jẹ́ pé àti ìyá àti bàbá gbọ́dọ̀ gbé e láìmọ̀ kí ọmọ tó ní in.

Kọ́lájìn yìí kan náà wà nínú awọ, nínú iṣan tó so oríkèé pọ̀, nínú eyín, nínú etí, àti nínú funfun ojú. Ìdí nìyẹn tí àmì àrùn yìí kì í fi í mọ sára eegun. Funfun ojú á tín-ín-rín débi pé àwọ̀ dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ á máa hàn jáde, ojú á wá dà bíi pé ó ní àwọ̀ búlúù. Eyín lè pọ́n bí omi tíì, kó máa là. Oríkèé á máa yẹ̀ kọjá ààlà. Etí lè bẹ̀rẹ̀ sí í dí láti ìgbà ọ̀dọ́. Ẹ má ṣe gbára lé ojú nìkan o: funfun ojú ọmọ tuntun tí kò ní àrùn kankan lè dà bíi búlúù fún oṣù mélòó kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí àrùn náà le lára wọn ní ojú funfun nini.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìkángun eegun

Ibòmíràn ni ríkẹ́ẹ̀sì ti ń ṣọṣẹ́. Eegun gígùn ọmọdé kì í gùn láti àárín. Ìkángun rẹ̀ ló ti ń gùn, níbi tí ìpele eegun rírọ̀ kan wà, irú èyí tí a ń fọwọ́ kàn lára etí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ojú ìdàgbà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ máa ń tò lé ara wọn bí owó wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò jọ. Èyí tó dé ìsàlẹ̀ á wú, á kú, iyọ̀ eegun á bọ́ sí àyíká rẹ̀, eegun gidi á sì gba ibẹ̀. Fọ́sífeètì inú ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó wú náà kú lásìkò. Bí fọ́sífeètì bá kéré, sẹ́ẹ̀lì ò ní kú, tuntun á sì máa dé lé e. Ojú ìdàgbà á nípọn, á fẹ̀, á rọ̀. Ọrùn ọwọ́ ọmọ á wú. Ibi tí eegun ìhà ti pàdé eegun rírọ̀ iwájú àyà á yọ kókó-kókó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Àwùjẹ̀ á pẹ́ kó tó dí. Bí ọmọ bá ti ń rìn, ẹsẹ̀ méjèèjì á tẹ̀ síta bí ọrun, tàbí kí orúnkún máa gbá ara wọn.

Ẹnì kan á béèrè pé ṣebí fítámìn D la mọ̀ mọ́ ríkẹ́ẹ̀sì, báwo ni fọ́sífeètì ṣe wọ̀ ọ́? Ọ̀nà tó gbà nìyí. Fítámìn D ló ń jẹ́ kí ìfun gba kálísíọ́mù láti inú oúnjẹ. Bí kò bá tó, kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ á fẹ́ lọ sílẹ̀, ara kò sì lè gbà kí ìyẹn ṣẹlẹ̀, nítorí ọkàn àti iṣan ò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ẹṣẹ́ táírọ́ìdì ní ọrùn á wá tú họ́mọ̀nù kan sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ ní PTH sórí ìwé èsì. Họ́mọ̀nù yìí á yá kálísíọ́mù lára eegun, á sì pàṣẹ fún kíndìnrín pé kó da fọ́sífeètì sínú ìtọ̀. Kálísíọ́mù á dúró, fọ́sífeètì á lọ. Ojú ìdàgbà ló ń san gbèsè náà. Ohun kan náà gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí fítámìn D rẹ̀ tó ṣùgbọ́n tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní kálísíọ́mù: ọmọ tí ń jẹ kálísíọ́mù tí kò tó mílígíráàmù 300 lóòjọ́ lè ní ríkẹ́ẹ̀sì bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn án láràárọ̀. Fítámìn D nìkan kò lè wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn.

Níbi tí orúkọ ti ń tàn wá

Àṣà ni kí wọ́n pe àrùn eegun ẹlẹgẹ́ ní àjogúnbá, kí wọ́n sì pe ríkẹ́ẹ̀sì ní àrùn tí ara kò ti rí èròjà lò bó ṣe yẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ríkẹ́ẹ̀sì kan wà tó jẹ́ àjogúnbá pọ́nńbélé. Jíìnì tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ ni PHEX, orí kúrómósómù X ló wà. Bí PHEX kò bá ṣiṣẹ́, eegun á máa tú họ́mọ̀nù kan tó ń jẹ́ FGF23 sílẹ̀ ní àpọ̀jù, ìyẹn á sì ní kí kíndìnrín máa da fọ́sífeètì nù. Kálísíọ́mù ọmọ náà kò kéré, fítámìn D rẹ̀ lè tó dáadáa, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀. Nítorí náà, kí òbí tó sọ pé "àwa náà ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílé wa" má ṣe rò pé ìyẹn ti fi hàn pé àrùn ọmọ òun kì í ṣe ríkẹ́ẹ̀sì.

Ìbéèrè tó wúlò jù ni: okùn ni àbí iyọ̀? Ibi tí ìdáhùn rẹ̀ sì ti hàn kedere jù lọ ni ìkángun eegun nínú ẹ́síréè.

Kíka ẹ́síréè ọrùn ọwọ́

Ọrùn ọwọ́ àti orúnkún ni wọ́n máa ń yà, nítorí ibẹ̀ ni eegun ti ń yára gùn jù lọ. Lára ọmọ tí ara rẹ̀ dá, ìkángun eegun máa ń parí sí ìlà funfun kan tó mú bíi pé wọ́n fi rúlà fà á. Nínú ríkẹ́ẹ̀sì, ìlà náà á pòórá. Etí eegun á já wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí etí aṣọ tí wọn ò ká, á fẹ̀, á sì kó sínú bí ife. Àlàfo dúdú tó wà láàárín ìkángun yìí àti orí eegun á gbòòrò ju bó ṣe yẹ lọ. Lára eegun méjì apá, èyí tó wà níhà ọmọńdinrín ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn.

Nínú àrùn eegun ẹlẹgẹ́, ìlà náà mú kedere. Àárín eegun ni kí ẹ wò: ó tẹ́ẹ́rẹ́, awọ líle ìta rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó lè ti tẹ̀ níbi tó ti kán tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ya agbárí, wọ́n lè rí àwọn eegun kéékèèké tó pọ̀ láàárín oríkèé eegun orí, bí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò. Bí wọ́n bá ya ọ̀pá ẹ̀yìn láti ẹ̀gbẹ́, àwọn eegun ibẹ̀ á ti tẹ̀ wọnú láti òkè àti ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Òfin ẹ́síréè eegun tó kán ni pé kí oríkèé tó wà lókè ibi tó kán àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ hàn nínú àwòrán. Ìtumọ̀ èyí ni pé orúnkún ọmọ náà ti wà nínú àwòrán ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìkángun eegun itan rẹ̀ mú bí abẹ. Ìdáhùn ti wà lójú títì látìgbà náà, ṣùgbọ́n ibi tó kán ni gbogbo ojú ń wò.

Ààlà kan wà tí ó yẹ kí a sọ. Ojú ìdàgbà tí kò dàgbà kò lè fi ríkẹ́ẹ̀sì hàn. Ọmọ tí ebi ti pa débi pé kò ga mọ́ lè ní ẹ́síréè tó dà bíi pé kò burú, kí àmì ríkẹ́ẹ̀sì tó jáde lẹ́yìn tó bá ti ń jẹun dáadáa tó sì tún ń dàgbà.

Nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń ṣini lọ́nà

Èyí tó máa ń ṣini lọ́nà jù ni fítámìn D fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò tó tọ́ ni èyí tí wọ́n ń kọ ní 25-OH-D. Bí ó bá wà lábẹ́ 30 nmol/L, ó kéré. Bí ó bá ju 50 lọ, ó tó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ló wà lábẹ́ 30 tí kò ní ríkẹ́ẹ̀sì kankan. Nọ́ńbà yìí ń sọ pé ewu wà, kò sọ pé àrùn ti dé. Ẹni tó bá fi í nìkan ṣe ìdájọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tó rí ọkọ̀ tí epo rẹ̀ fẹ́ tán tó wá ní ẹ́ńjìnnì ti kọṣẹ́.

ALP ló dára jù láti fi ṣàyẹ̀wò ìdájọ́ náà. Èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun ń tú sílẹ̀ ni. Nínú ríkẹ́ẹ̀sì tó ń lọ lọ́wọ́, ó máa ń ga gan-an, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń mọ eegun láìsí iyọ̀ tí yóò mú un le. Nínú àrùn eegun ẹlẹgẹ́, ó sábà máa ń wà níbi tó yẹ, àyàfi kó gòkè díẹ̀ lẹ́yìn tí eegun ṣẹ̀ṣẹ̀ kán. Ìṣòro tó wà ni pé ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò máa ń tẹ ààlà ti àgbàlagbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì. ALP àgbàlagbà kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 130 lọ, ti ọmọ tó ń dàgbà sì lè jẹ́ 300 láìsí àrùn kankan. Ẹ̀rọ á fi àmì sí i pé ó ga, ẹni tó ń kà á á sì ní ríkẹ́ẹ̀sì ti fara hàn.

Fọ́sífeètì ni ìdàkejì rẹ̀. Àgbàlagbà tó ní 0.95 mmol/L kò ní ìṣòro, ẹ̀rọ ò sì ní fi àmì kankan sí i. Ọmọ ọdún 2 tó ní 0.95 ti wà nísàlẹ̀ ààlà tirẹ̀, tó wà ní bíi 1.2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báyìí ni ríkẹ́ẹ̀sì àjogúnbá PHEX ṣe ń yọ́ kọjá lójú àwọn dókítà fún ọdún mélòó kan.

Bí ALP bá sì kéré jù ńkọ́, tí ẹ́síréè sì dà bíi ti ríkẹ́ẹ̀sì? Kí wọ́n dúró. Àrùn kẹta kan wà, haipofọsifatésíà, tó jẹ́ pé ALP fúnra rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Fífún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní fítámìn D àti kálísíọ́mù púpọ̀ lè mú kí kálísíọ́mù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga débi tó léwu. Ojú kì í sábà lọ sí ALP tó kéré, ìdí nìyẹn tí mo fi dárúkọ rẹ̀.

Ọmọ wa, àti ọmọ kejì

Lẹ́yìn tí eegun ojúgun kán, wọ́n tún ìwé ọmọ náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́: 25-OH-D 27, kálísíọ́mù 2.40, fọ́sífeètì 1.7, ALP 290, PTH sì wà níbi tó yẹ. Bí ríkẹ́ẹ̀sì ti àìtó fítámìn D bá ń jà, PTH kò ní jókòó jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀, ALP náà kò sì ní wà ní 290. Lẹ́yìn oṣù 3 tó fi lo oògùn, 25-OH-D rẹ̀ ti di 82, eegun sì tún kán. Wọ́n gbé ọmọ náà sún mọ́ fèrèsé: funfun ojú rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n wo bàbá rẹ̀, tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Bàbá ní apá òun kán lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tóun wà ní kékeré, gbogbo ènìyàn ní eré òun ló le jù, ó sì ti tó ọdún 3 tí òun kì í ti í gbọ́ tẹlifóònù dáadáa ní etí òsì. Àyẹ̀wò jíìnì rí i pé ẹ̀dà COL1A1 kan ti dákẹ́. Irú tó fúyẹ́ ni.

Ẹ fi í wé ọmọ kejì, ọmọ ọdún 2, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Ẹ́síréè orúnkún rẹ̀ fi ríkẹ́ẹ̀sì hàn láìsí iyèméjì. Wọ́n fún un ní fítámìn D àti kálísíọ́mù fún oṣù 3, kò sí àyípadà. 25-OH-D rẹ̀ 65, kálísíọ́mù rẹ̀ dára, ALP 720, PTH wà níbi tó yẹ, fọ́sífeètì 0.95. Wọ́n wá wọn ìtọ̀ àárọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lákòókò kan náà, wọ́n sì lo ìṣírò yìí:

```
TRP = 1 - (UP × SCr) / (SP × UCr)
    = 1 - (12 × 0.025) / (0.95 × 1.5)
    = 0.79
```

UP àti UCr ni fọ́sífeètì inú ìtọ̀ àti kíríátínìnì inú rẹ̀, ìyẹn èérí láti inú iṣan tí kíndìnrín ń dà nù, SP àti SCr ni tinú ẹ̀jẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní mmol/L. Ohun tí ó ń sọ ni pé nínú 100 fọ́sífeètì tó dé kíndìnrín, 79 péré ló gbà padà. Ọmọ tí fọ́sífeètì rẹ̀ kéré tó báyìí yẹ kó di gbogbo rẹ̀ mú ṣinṣin. Kíndìnrín ń jò. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: PTH tó ga máa ń mú kí kíndìnrín jò bákan náà, nítorí náà ìṣírò yìí kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nígbà tí PTH bá ṣì ga. Ti ọmọ yìí kò ga. PHEX ni wọ́n rí nígbẹ̀yìn.

Ìtọ́jú tó yapa

Ríkẹ́ẹ̀sì ti àìtó fítámìn D ló rọrùn jù láti wò. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12, yúníìtì 2,000 lóòjọ́ fún ó kéré tán ọjọ́ 90. Láti ọdún 1 sí 12, yúníìtì 3,000 sí 6,000. Kálísíọ́mù mílígíráàmù 500 lóòjọ́ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, yálà láti inú oúnjẹ tàbí oògùn. Kí ẹ ka ara ìgò náà dáadáa: ìgò kan wà tí yúníìtì 400 wà nínú ẹ̀kán kan ṣoṣo, òmíràn wà tí 400 yẹn wà nínú mílílítà kan odindi. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n ọ̀kan lo èkejì lè fún ọmọ ní ìlọ́po púpọ̀ láìmọ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 4, ìlà funfun tuntun yẹ kó ti hàn ní ìkángun eegun. Bí oṣù 3 bá pé tí ìlà náà kò hàn, tí ìyá sì ń fún ọmọ ní oògùn déédéé, kì í ṣe pé kí wọ́n sọ oògùn di ìlọ́po méjì. Kí wọ́n padà sórí fọ́sífeètì.

Ọmọ tó ní PHEX nílò fọ́sífeètì tí wọ́n pín sí ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lóòjọ́, pẹ̀lú irú fítámìn D tó ti gba ìparí iṣẹ́ kíndìnrín kọjá. Fọ́sífeètì nìkan á kàn mú PTH ga sókè ni. Láti 2018, oògùn abẹ́rẹ́ burosúmábù wà, tó ń de FGF23 mọ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń gún un fún ọmọdé. Owó rẹ̀ pọ̀.

Kò sí oògùn tó ń tún okùn kọ́lájìn lọ́. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n dá àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun dúró, kí eegun tó wà lè nípọn. Ní 1998, dókítà Francis Glorieux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal, ní Kánádà, tẹ àbájáde jáde lórí pamidirọ́néètì, tí wọ́n ń fi dírípù fún àwọn ọmọ tí àrùn náà le lára wọn ní ìpele-ìpele. Eegun wọn le sí i, kíkán rẹ̀ dín kù. Ọjọ́ 3 ni ìpele kọ̀ọ̀kan máa ń gbà, wọ́n á sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 2 sí 4. Ara ọmọ sábà máa ń gbóná lẹ́yìn dírípù àkọ́kọ́, á sì lọ fúnra rẹ̀. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń fi ìlà funfun kan sílẹ̀ sínú eegun, tó fi jẹ́ pé ẹ́síréè ọmọ tó ti gbà á lọ́dún mélòó kan máa ń ní ìlà lórí ìlà, ẹ sì lè kà wọ́n bí ẹni ń ka òrùka inú igi.

Níbí ni àrùn méjèèjì ti ń pàdé lọ́nà tó léwu. Oògùn tó ń dá jíjẹ eegun dúró ń ti ilẹ̀kùn tí ara ń gbà yá kálísíọ́mù. Bí fítámìn D ọmọ bá kéré nígbà tí wọ́n fún un, kálísíọ́mù ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, gìrì sì lè gbé ọmọ. Nítorí náà, kí 25-OH-D kọjá 50 kí dírípù tó bẹ̀rẹ̀. Fítámìn D tí wọ́n fún ọmọ wa fún oṣù 3 kò wo àrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣòfò. Bí ó bá di dandan kó gba pamidirọ́néètì lọ́jọ́ iwájú, ara rẹ̀ ti ṣe tán.

Nínú ilé, ọwọ́ ni ìtọ́jú wà. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ìtẹ́dìí, ẹ má ṣe di ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì mú gbé ìdí ọmọ sókè. Ẹ ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ gbé e láti ibẹ̀. Bí ẹ bá ń wọ̀ ọ́ láṣọ, kí ẹ fa aṣọ sí apá, kì í ṣe apá sínú aṣọ. Kí nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ọmọ ní àrùn yìí kí ó tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ohun tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá. Bí eegun bá kán, ìwọ̀n ìgbà tí ti ọmọ yòókù ń gbà kó tó jinná náà ni tirẹ̀ máa ń gbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi píọ́pì sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí eegun tí kò gbé nǹkan kan máa ń fẹ́lẹ́ sí i, á sì kán ní ìkángun píọ́pì gan-an.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí kò dùn láti sọ. Ọmọ tí kò tíì rìn tí eegun rẹ̀ ń kán láìsí ìdí máa ń jẹ́ kí wọ́n bi àwọn òbí pé ṣé ẹnì kan ń lu ọmọ yìí. Àrùn eegun ẹlẹgẹ́ lè jẹ́ ìdáhùn, ríkẹ́ẹ̀sì tó hàn nínú ẹ́síréè náà lè jẹ́ ìdáhùn. Fítámìn D tó kéré nìkan, pẹ̀lú ìkángun eegun tó mú kedere, kì í ṣe ìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni rírí àrùn lára ọmọ kò sọ pé kò sẹ́ni tó lù ú.

Ti bàbá ọmọ wa ni wọ́n fi parí. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí oníṣègùn etí. Wọ́n sọ fún òun àti ìyàwó rẹ̀ pé oyún tó bá tún dé ní ìdá 1 nínú 2 láti ní ẹ̀dà COL1A1 tó dákẹ́ náà. Ká ní wọn ò rí i lára òbí kankan ni, wọn kì bá tún sọ pé ewu rẹ̀ kò sí, nítorí àbùkù náà lè fara pamọ́ sínú díẹ̀ lára ẹyin ìyá tàbí àtọ̀ bàbá nìkan, kó má hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rárá.